Ìkọ́kọrẹ́ Dé Sílé Ìdáná: Bí Olóúnjẹ Inú Ilé Ṣe Lè Kéde Oúnjẹ Tuntun fún Oníbàárà Rẹ̀

Àwọn tó ń se oúnjẹ tà láti inú ilé wọn ti pọ̀ jáǹtirẹrẹ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó. Wọn ò ní ṣọ́ọ̀bù, wọn ò ní tábìlì tí oníbàárà ń jókòó tì. Fóònù ni ìsọ̀ wọn, orí WhatsApp ni wọ́n ti ń polówó ọjà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gba ọ́dà. Nígbà tí irú olóúnjẹ bẹ́ẹ̀ bá fẹ́ fi oúnjẹ tuntun kún èyí tó ti ń tà, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo tó bá kọ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ ló sábà máa ń pinnu bóyá ìkòkò á gbẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tàbí oúnjẹ á kù sílẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń kọ kò ju báyìí lọ: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o! Oúnjẹ tuntun ti dé! Ìkọ́kọrẹ́ aládùn, ẹ ó jẹ ẹ́ tán, ẹ ó tún béèrè sí i. Ẹ kàn sí wa fún iye rẹ̀.” Oníbàárà tó bá ka èyí kò tíì lè ra nǹkan kan. Ó ní láti béèrè pé èló ni, báwo ni ike rẹ̀ ṣe tóbi tó, ṣé òní ló wà ni àbí ọ̀la, ṣé edé wà nínú rẹ̀. Ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún á béèrè ìbéèrè kan náà, bẹ́ẹ̀ ni olóúnjẹ wà nídìí iná, tí epo wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó nu ọwọ́ kó tó fèsì, ẹlòmíì ti ra ìrẹsì lọ́nà ibi iṣẹ́.

Oníbàárà tó ti ń jẹ oúnjẹ rẹ kò nílò kí o máa yin ara rẹ fún òun. Ó mọ ọwọ́ rẹ, ó mọ̀ bóyá ilé ìdáná rẹ mọ́, ó sì mọ̀ bóyá o máa ń pẹ́ kí o tó gbé oúnjẹ wá. Ohun tó ń fẹ́ ni ọ̀rọ̀ tó máa jẹ́ kó lè sọ pé “mo fẹ́” tàbí “mi ò fẹ́” bó bá ti kà á tán. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ti inú ẹnu dídùn wá, inú ìkòkò ni a ti ń rí i. Ẹni tí kò bá tíì mọ iye ike tí ìkòkò rẹ̀ máa bù, iye owó tó ná, àti wákàtí tí oúnjẹ náà lè fi dúró, kò tíì lè kọ àtẹ̀jíṣẹ́ tó dára, bó ti wù kó mọ̀wé tó.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan, kí á sì tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ká sọ pé obìnrin kan wà ní agbègbè Bódìjà ní Ìbàdàn, tó ń se ẹ̀fọ́ rírò, ẹ̀gúsí àti ọbẹ̀ ata sínú ike lítà lítà. Oníbàárà bí ọgọ́rin ló ní. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó sì fẹ́ fi ìkọ́kọrẹ́ kún ọjà rẹ̀.

Ẹ bi ìkòkò kí ẹ tó kọ̀wé

Ìkọ́kọrẹ́ kì í ṣe ọbẹ̀. Ewùrà ni wọ́n fi ń sè é, èyí tí omi inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ìṣu tí à ń gún lọ. Wọ́n á bẹ ewùrà, wọ́n á rin ín lára páànù oníhò títí yóò fi kúnná, wọ́n á po iyọ̀ díẹ̀ mọ́ ọn. Ata, àlùbọ́sà, epo pupa, irú àti ẹja gbígbẹ á ti máa hó lórí iná. Inú ọbẹ̀ tó ń hó yìí ni wọ́n á máa fi ọwọ́ tàbí ṣíbí bu ewùrà náà sí ní kókó kókó. Wọn kì í rò ó lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á rọ iná sílẹ̀, wọ́n á dé e, wọ́n á jẹ́ kí kókó náà dì kí wọ́n tó rọra rò ó. Bí wọ́n bá kánjú rò ó, gbogbo rẹ̀ á túká, á wá dà bí ẹ̀kọ mímu, kò sì sí ọmọ Ìjẹ̀bú tó máa pe ìyẹn ní ìkọ́kọrẹ́.

Nínú bí wọ́n ṣe ń sè é yìí, ohun mẹ́ta ló wà tó gbọ́dọ̀ hàn nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Èkíní ni pé ewùrà tí wọ́n ti rin kì í ṣe é fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì: àwọ̀ rẹ̀ á yí padà, á dúdú. Nítorí náà, òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa tà á gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ rin ín, agbára apá ẹni tó ń rin ín ló sì máa sọ iye ike tó lè jáde. Bí ẹ̀gúsí bá tán, a lè tún òmíràn sè láàárín wákàtí kan. Ti ìkọ́kọrẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni pé ìkọ́kọrẹ́ máa ń ki bó bá ti ń tutù. Èyí tó rọ̀ dáadáa láàárọ̀ á ti le díẹ̀ bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́. Àwọn Ìjẹ̀bú fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ẹlòmíì tilẹ̀ ń fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí ọmọ Èkìtì tí kò jẹ ẹ́ rí lè rò pé oúnjẹ àná ni wọ́n gbé fún òun. Bí a kò bá ti sọ fún un ṣáájú, ìbínú ló máa fi kọ̀wé padà.

Ẹ̀kẹta ni ìgbà. Ìparí ọdún títí wọ inú oṣù Èrèlé ni ewùrà tuntun máa ń pọ̀ lọ́jà. Nígbà tó bá yá, ó máa ń wọ́n, èyí tó bá sì wà lè má dára. Olóúnjẹ tó bá kọ ọ́ pé òun á máa se ìkọ́kọrẹ́ “ní gbogbo ìgbà” ti ṣèlérí ohun tí oko kò lè bá a mú ṣẹ. Ó sàn kó sọ pé “ní gbogbo Sátidé, níwọ̀n ìgbà tí ewùrà bá ṣì wà.”

Obìnrin wa yìí kọ́kọ́ se ìwọ̀nba kan nílé, kó lè rí òtítọ́ ìkòkò rẹ̀. Ìkòkò olítà ogún ni. Kò lè bù ú kún nítorí pé ó ní láti rí àyè rò ó, nítorí náà lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló jáde. Ó yọ ike kan sọ́tọ̀ fún ìtọ́wò àti ohun tó bá dà nù lójú ọ̀nà. Ike mẹ́rìnlá ló kù fún títà. Iye yìí ló máa wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, kì í ṣe “ó pọ̀ o, ẹ tètè wá.”

Iye tó yẹ kó wà níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ olóúnjẹ kì í fẹ́ kọ iye sínú àtẹ̀jíṣẹ́. Wọ́n ní bí oníbàárà bá ti rí iye, á sá. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tí iye máa lé lọ á sá bó bá gbọ́ ọ lẹ́yìn náà, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé á ti fi àkókò olóúnjẹ ṣòfò kó tó sá. Ẹni tó sì fẹ́ rà á lè má béèrè rárá, nítorí pé ojú ń tì í láti béèrè iye kó tún wá sọ pé owó òun kò ká a.

Kí obìnrin wa tó lè kọ iye, ó ní láti ṣírò. Àwọn iye tó wà níhìn-ín, àpẹẹrẹ ni wọ́n, nítorí pé owó ọjà kì í dúró sójú kan. Ká ní ewùrà gba ₦14,000, ẹja gbígbẹ, pọ̀nmọ́ àti edé gba ₦16,000, ata, àlùbọ́sà, epo àti irú gba ₦10,000, gáàsì àti omi gba ₦4,000, ike àti ọ̀rá gba ₦5,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦49,000. Bí a bá pín in sí ọ̀nà mẹ́rìnlá, ike kan ná an ní ₦3,500. Ó pinnu láti tà á ní ₦4,500. Bí gbogbo rẹ̀ bá tà, ₦14,000 ló máa kù fún un, ìyẹn sì ni owó iṣẹ́ àárọ̀ kan pẹ̀lú apá tó ń ro ó.

Ibí yìí ni ẹ̀dínwó ìfilọ́lẹ̀ ti máa ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà. Bó bá sọ pé òun yọ ₦1,000 lórí ike kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, iye tó ná an gan-an ló tà á, kò jèrè kọ́bọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, tó bá padà sí ₦4,500, oníbàárà kò ní sọ pé ẹ̀dínwó ló tán, á ní ó ti gbówó lé ọjà. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ fi mọ oúnjẹ kan ni wọ́n máa ń fi ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀. Bó bá fẹ́ ṣe wọ́n lóore, kó fi èènì kún un: ẹ̀bà tútù ẹyọ kan fún ike kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Owó gàárì rẹ̀ kò tó nǹkan, iye oúnjẹ náà kò yẹ̀, ẹ̀bà yìí sì tún ń kọ́ ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ nílé.

Àtẹ̀jíṣẹ́ náà fúnra rẹ̀

Lẹ́yìn tó ti mọ gbogbo èyí, ohun tó kọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyí:

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin oníbàárà wa. Ẹ ṣeun tí ẹ ń ra ọbẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Láti Sátidé tó ń bọ̀, a ó máa se ìkọ́kọrẹ́ Ìjẹ̀bú. Ewùrà tí a rin ni, tí a sè sínú ọbẹ̀ ata, epo pupa àti ẹja gbígbẹ. Ó fara jọ àsáró, ṣùgbọ́n ó kúnná jù ú lọ, kókó rírọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ lè jẹ ẹ́ lásán, ẹ sì lè fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́. Ó máa ń ki bó bá tutù, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe.

Ohun tó wà nínú rẹ̀: ewùrà, ẹja àrọ̀ gbígbẹ, pọ̀nmọ́, edé, ata, àlùbọ́sà, epo pupa, irú, iyọ̀. Bí ẹja tàbí edé kì í bá bá yín lára mu, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ra eléyìí. Ìkòkò kan la fi ń sè é, a ò lè yọ wọ́n kúrò.

Ike lítà kan, ₦4,500. Ó tó ènìyàn méjì. Owó ọlọ́kadà kò sí nínú rẹ̀.

Ike 14 péré la máa sè. A ó gba ọ́dà títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, nítorí pé ọjọ́ Ẹtì la máa ra ewùrà. A ó gbé e wá ní Sátidé, láàárín aago méjìlá sí aago méjì ọ̀sán.

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ kọ iye ike àti ibi tí a ó gbé e wá. A ó fi nọ́ńbà àkáǹtì ránṣẹ́ sí yín. Bí owó bá ti wọlé, a ti kọ orúkọ yín sílẹ̀ nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ yìí, ẹ̀bà tútù ẹyọ kan á bá ike kọ̀ọ̀kan wá, èènì ni.

Ẹ̀fọ́, ẹ̀gúsí àti ọbẹ̀ ata ṣì wà bó ṣe wà. Ẹ ṣeun o.”

Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí oníbàárà kò ní béèrè nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kéré jù náà máa ń jẹ́ kí a padà wá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ẹ wo bó ṣe ṣe àpèjúwe oúnjẹ náà. Ó fi í wé àsáró, nítorí pé ó mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà òun kì í ṣe Ìjẹ̀bú, àsáró sì ni gbogbo wọn mọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ibi tó ti yàtọ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á rí ohun tí wọ́n ṣèlérí fún un. Kò kọ “aládùn,” kò kọ “ẹ ó ta lẹ́nu.” Dídùn wà lọ́wọ́ ẹni tó bá jẹ ẹ́, òun ló máa sọ ọ́.

Ẹ wo gbólóhùn edé náà pẹ̀lú. Àwọn ènìyàn wà tí ẹnu àti ojú wọn máa ń wú bí wọ́n bá jẹ edé, tí àwọn mìíràn kì í lè mí dáadáa. Nínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, oníbàárà lè rí edé lójú. Nínú ìkọ́kọrẹ́, ó lè ti kúnná mọ́ ewùrà, kò sì ní rí i. Ìdí nìyí tí kò fi tó láti kọ “ẹja àti àwọn èròjà mìíràn.” A gbọ́dọ̀ dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá sì jẹ́ pé olóúnjẹ kò lè se ìkòkò ọ̀tọ̀, kó sọ ọ́ gbangba bí obìnrin yìí ṣe sọ ọ́, kó má gba owó kó tó máa wá bí yóò ṣe yọ ọ́.

Ohun kan tún wà tí kò kọ. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ewùrà dára fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, àwọn olóúnjẹ kan á sì kọ ọ́ gàdàgbà pé oúnjẹ àwọn ń wo àtọ̀gbẹ. Oúnjẹ kì í ṣe oògùn, olóúnjẹ kì í sì í ṣe dókítà. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2018, kò fàyè gba kí olùtajà fi irọ́ tàbí ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà polówó ọjà. Olóúnjẹ inú ilé wà lábẹ́ òfin yìí bí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìdí tí ọjọ́ fi rí bẹ́ẹ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló fi í ránṣẹ́ fún oúnjẹ Sátidé. Bó bá fi ránṣẹ́ ní Ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú, wọ́n á ti gbàgbé kó tó di Ọjọ́bọ̀. Bó bá sì dúró di ọjọ́ Ẹtì, ọ̀pọ̀ ìdílé ti mọ ohun tí wọ́n máa jẹ lópin ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ méjì tó fi sílẹ̀ tó fún ẹni tó fẹ́ béèrè lọ́wọ́ ọkọ tàbí aya rẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó lè fi ìránnilétí kan ránṣẹ́, kó kúrú: “Ike 5 ló kù nínú ìkọ́kọrẹ́ Sátidé. Aago mẹ́fà òní la máa pa á dé.” Lẹ́yìn ìyẹn, kó dákẹ́. Ìránnilétí kejì àti ìkẹta ló ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn pa nọ́ńbà olóúnjẹ lẹ́nu mọ́.

Àkókò tó fi gbé oúnjẹ jáde náà kì í ṣe àbá lásán. Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé kí oúnjẹ sísè má ṣe wà lásán nínú ooru ilé ju wákàtí méjì lọ, àti pé oúnjẹ tí a kò tíì bù gbọ́dọ̀ gbóná ju 60°C lọ. Nítorí náà, ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ gbọ́dọ̀ wà lórí iná pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ títí di ìgbà tí ọlọ́kadà bá dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà náà ni wọ́n á tó bù ú sínú ike. Bí ọlọ́kadà kan bá ní ibi mẹ́rìnlá láti gbé e lọ, ike ìkẹrìnlá á ti wà nínú àpótí fún ìgbà pípẹ́. Ó sàn kí obìnrin yìí pín in sí ọ̀nà méjì, kí ti Bódìjà àti Agbowó lọ lẹ́ẹ̀kan, kí ti Ring Road àti Chállenge lọ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó bá sì gbé e dé, kó sọ fún oníbàárà pé bí kò bá ní jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó gbé e sínú fíríìjì, kó sì gbé e kaná kó hó dáadáa kó tó jẹ ẹ́.

Àwòrán

Oníbàárà àtijọ́ á kọ́kọ́ wo àwòrán kó tó ka ọ̀rọ̀. Kí àwòrán náà jẹ́ ti ike tó máa gbà gan-an. Bí olóúnjẹ bá yọ àwòrán ìkọ́kọrẹ́ tí ẹlòmíì bù sínú àwo funfun pẹ̀lú ẹja ńlá mẹ́rin, tó sì wá gbé ike tó ní ẹyọ ẹja méjì wá, àwòrán yẹn ni wọ́n máa fi bá a jà. Kó bu ìkọ́kọrẹ́ ìdánwò rẹ̀ sínú ike lítà tó ń lò, kó gbé e sẹ́bàá fèrèsé ní òwúrọ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kó ṣí ìdérí, kó yà á láti òkè. Kó fi ṣíbí kan tì í kí ojú lè rí bó ṣe tóbi tó. Àwòrán kan tó.

Bí a ṣe ń fi í ránṣẹ́

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà lórí WhatsApp, wọn kò sì dọ́gba. Ti àkọ́kọ́ ni kí a kó gbogbo oníbàárà sínú gúrúùpù. Nínú gúrúùpù, oníbàárà kan á rí nọ́ńbà oníbàárà kejì, wọ́n á sì rí ìdáhùn ara wọn. Ẹni tó fún ọ ní nọ́ńbà rẹ̀ nítorí ọbẹ̀ kò fún ọ láṣẹ kí o fi í han ọgọ́rin ènìyàn. Nàìjíríà ti ní òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni láti ọdún 2023, nọ́ńbà fóònù sì wà lára ohun tí òfin náà ń dáàbò bò.

Ọ̀nà kejì ni Status. Ó dára fún àwòrán, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́rìnlélógún péré ló ń lò, ẹni tí kò bá sì ṣí i kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà kẹta ló dára jù fún irú iṣẹ́ yìí, òun ni èyí tí WhatsApp pè ní “New broadcast.” Iṣẹ́ kan náà á dé ọ̀dọ̀ oníbàárà kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé òun nìkan ni a kọ ọ́ sí, ìdáhùn rẹ̀ á sì wọlé sọ́dọ̀ olóúnjẹ nìkan. Ènìyàn 256 ni àkójọ kan lè gbà. Ṣùgbọ́n ó ní àlébù kan tí ọ̀pọ̀ olùtajà kò mọ̀: ẹni tó bá ti fi nọ́ńbà olóúnjẹ pamọ́ sínú fóònù rẹ̀ nìkan ni iṣẹ́ náà máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí kò bá fi í pamọ́, iṣẹ́ náà kò ní dé, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ fún ọ.

Bí a ṣe lè mọ̀ ni pé kí a tẹ iṣẹ́ tí a fi ránṣẹ́ náà mọ́lẹ̀, kí a ṣí “Info.” Orúkọ àwọn tó ti dé ọ̀dọ̀ wọn àti àwọn tó ti kà á á hàn níbẹ̀. Bí ọjọ́ kan bá kọjá tí orúkọ ẹnì kan kò sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò fi nọ́ńbà pamọ́. Kí olóúnjẹ kọ̀wé sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́tọ̀, kó sì bẹ̀ ẹ́ kó fi nọ́ńbà náà pamọ́. Ìgbà tó dára jù láti béèrè èyí ni ìgbà tí oníbàárà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oúnjẹ tó sì ń dúpẹ́.

Nígbà tí ìdáhùn bá dé

Ká ní ènìyàn mọ́kàndínlógún ló fẹ́ ike mẹ́rìnlá. Ohun tó máa ń wá sí olóúnjẹ lọ́kàn ni kó bomi sí i, tàbí kó dín ohun tó ń bù sínú ike kù. Méjèèjì ló ń ba orúkọ jẹ́, pàápàá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Owó tó kọ́kọ́ wọlé ló ní oúnjẹ, ìdí nìyẹn tí àtẹ̀jíṣẹ́ fi sọ pé orúkọ kò tíì wọlé àfi tí owó bá wọlé. Àwọn márùn-ún tó kù, kó kọ̀wé sí wọn pé: “Ẹ má bínú mà, ti ọ̀sẹ̀ yìí ti tán. Mo ti fi orúkọ yín ṣe àkọ́kọ́ fún Sátidé tó ń bọ̀, ṣé kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?” Ìyẹn ni ọjà ọ̀sẹ̀ kejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ó tún lè ṣẹlẹ̀ pé ewùrà tó rí lọ́jà ọjọ́ Ẹtì kò gbó. Ewùrà tí kò gbó máa ń tú omi bí a bá rin ín, kò ní dì lórí ṣíbí, á ṣàn. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀ nílé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kó rin díẹ̀ wò. Bó bá ń ṣàn, kó má sè é. Kó kọ̀wé sí àwọn tó ti sanwó lálẹ́ ọjọ́ náà, kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó sì fún wọn ní yíyàn méjì: kí owó wọn padà, tàbí kí wọ́n gba ẹ̀gúsí ní Sátidé náà. Kó má dúró di aago mọ́kànlá òwúrọ̀ Sátidé, nígbà tí àwọn ènìyàn ti ń retí oúnjẹ.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ti lọ, kó béèrè ohun kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan: ata rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó pọ̀ jù ni? Ìbéèrè tó ṣe pàtó máa ń rí ìdáhùn. Bí a bá béèrè pé “ṣé ó dùn?” gbogbo ènìyàn ló máa sọ pé ó dùn, ìyẹn kò sì kọ́ olóúnjẹ ní nǹkan kan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń se oúnjẹ nílé, ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ùn. Kí ẹ tó kéde oúnjẹ tuntun, ẹ sè é lẹ́ẹ̀kan, ẹ ka ike, ẹ ṣírò owó, ẹ kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ẹ fún ẹnì kan nínú ilé tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ kó kà á. Bó bá ti béèrè ìbéèrè kan, ìdáhùn ìbéèrè náà ló yẹ kó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yín.